Ìwé Tí Etí Ń Kà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Àkọlé, Àtòkọ àti Àwòrán Wò

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé tí ẹlòmíràn máa kà: akọ̀wé ẹgbẹ́, olùkọ́, akọ̀wé ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, títí kan àwọn ọmọ wa tó ń báni tẹ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn tí ìwé yín ń dé ọ̀dọ̀ wọn, a rí àwọn tí kì í fi ojú kà á. Etí ni wọ́n fi ń kàwé. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù wọn tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún wọn. Ẹ̀rọ akàwé ni n ó máa pè é lónìí.

Àwọn fóònù Android sábà máa ń ní tiwọn, TalkBack ni wọ́n ń pè é. Ti iPhone ni VoiceOver. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni ni NVDA. Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 2006, James Teh tí òun náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ ọn; afọ́jú ni àwọn méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa lò ó kí ètò yìí tó parí.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé wa dáadáa ká tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rọ akàwé kì í wo ojú ìwé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wò ó. Kò mọ̀ pé lẹ́tà yìí tóbi, kò sì bìkítà pé ìlà yẹn dúdú kirikiri. Ohun tí a kọ sábẹ́ ìwé náà fún kọ̀ǹpútà ló ń kà: pé èyí jẹ́ àkọlé, pé ìwọ̀nyí jẹ́ àtòkọ, pé àwòrán wà níbí, báyìí ni ó sì rí. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, lójú ti ẹ̀rọ náà, kò sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ṣoṣo, ká jókòó tì í. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni, ojú ìwé 14, tí akọ̀wé fi Word tẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ìpàdé di Sátidé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí àìsàn ojú ti gba ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. NVDA ni bàbá ń lò. Ohun tí bàbá fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: báwo ni èèyàn ṣe ń yá owó lábẹ́ òfin tuntun, inú àkáǹtì wo ni kí òun san owó oṣù yìí sí, ṣé owó ẹgbẹ́ ń gòkè àbí ó ń wálẹ̀.

Ẹni tó ń fojú kàwé á ṣí ojú ìwé náà fìrìfìrì títí ojú rẹ̀ á fi bá ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan tó kà pé Ètò Owó Yíyá. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ti tó fún un. Bàbá náà ní tirẹ̀. Tí NVDA bá wà nípò tí wọ́n fi ń lọ kiri nínú ìwé, lẹ́tà H ló máa ń tẹ̀, ẹ̀rọ á sì fò láti orí àkọlé kan bọ́ sórí èkejì, á máa dárúkọ wọn. Nínú ìwádìí tí àjọ WebAIM ti Amẹ́ríkà máa ń ṣe láàárín àwọn tó ń lo ẹ̀rọ akàwé, léraléra ni èyí tó pọ̀ ju ìdajì lọ nínú wọn ti ń sọ pé àkọlé ni àwọn kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé gígùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa kò fi àkọlé kankan síbẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó fi máòsì kùn ún, ó tẹ B kó lè dúdú, ó sọ lẹ́tà rẹ̀ di 16. Bàbá tẹ H. Ẹ̀rọ dá a lóhùn pé kò sí àkọlé mìíràn. Bí ẹni tó ń wá orin kan ṣoṣo nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni bàbá ṣe máa rí: á gbé e sílẹ̀ kó máa kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí orin tó fẹ́ á fi dé.

Báwo wá ni akọ̀wé ṣe máa mọ̀ pé àkọlé òun kì í ṣe àkọlé? Kò le rárá. Nínú Word, ẹ tẹ View, kí ẹ sì fàmì sí iwájú Navigation Pane. Abala kékeré kan á yọ lọ́wọ́ òsì. Gbogbo àkọlé tó jẹ́ àkọlé lóòótọ́ ló máa tò síbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, tí ẹ sì ń fi ojú yín rí àkọlé mẹ́wàá nínú ìwé, ohun tí bàbá máa bá náà nìyẹn: òfìfo.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ gbé kọ́sọ̀ sínú ìlà náà, kí ẹ lọ sí Home, níbi tí wọ́n kọ Styles sí, kí ẹ yan Heading 1, Heading 2 tàbí Heading 3. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kíbọ́ọ̀dù lè tẹ Ctrl, Alt àti 1 pọ̀ fún ìpele kìíní, tàbí 2, tàbí 3. Ẹ kíyè sí i pé Styles tún ní èyí tó ń jẹ́ Title. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í sí orúkọ ìwé, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n Word kò kà á mọ́ àkọlé, kò sì ní hàn nínú Navigation Pane. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń fetí kàwé fi H bá orúkọ ìwé yín, Heading 1 ni kí ẹ fún un.

Ìpele àwọn àkọlé yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ti mọ Styles gan-an ti ń kọsẹ̀. Nínú ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ìpele kìíní ni orúkọ ìwé fúnra rẹ̀, Ìròyìn Ọdọọdún. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àkọlé ìpele kejì wà: Ọ̀rọ̀ Alága, Ìṣirò Owó, Ètò Owó Yíyá, Ìdìbò. Abẹ́ Ètò Owó Yíyá nìkan ni ìpele kẹta wà: Ẹni Tó Lè Yá Owó, Bí A Ṣe Ń Yá A, Bí A Ṣe Ń Dá A Padà. Akọ̀wé wa wá dé orí Ìdìbò, ó wo Heading 2, ó rí i pé lẹ́tà rẹ̀ ti tóbi jù, ojú ìwé náà sì ti ń kún. Ó bá yan Heading 3.

Lójú, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ní etí, nǹkan méjì ti ṣẹlẹ̀. Èkíní, ẹ̀rọ ti fi Ìdìbò sábẹ́ Ètò Owó Yíyá, bí ẹni pé ìdìbò wà lára òfin owó yíyá. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mọ̀ pé tí òun bá tẹ nọ́ńbà 2, ẹ̀rọ á máa gbé òun láti orí àkọlé ìpele kejì kan bọ́ sórí òmíràn, kó lè mọ orí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé láìwọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ fún Ọ̀rọ̀ Alága, ó tẹ̀ ẹ́ fún Ìṣirò Owó, ó tẹ̀ ẹ́ fún Ètò Owó Yíyá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní ó tán. Lọ́dọ̀ bàbá, ìwé náà kò sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò kankan. Ó lè dé ìpàdé ní Sátidé kó máa bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ará, ṣé a kò ní dìbò lọ́dún yìí ni?”

Bí lẹ́tà Heading 2 bá tóbi jù lójú yín, ìrísí rẹ̀ ni kí ẹ yí padà, ẹ má yí ìpele. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Heading 2 níbi Styles, ẹ yan Modify, kí ẹ dín lẹ́tà rẹ̀ kù síbi tó wù yín. Gbogbo Heading 2 inú ìwé náà á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele wà fún ìtúmọ̀, ìrísí wà fún ojú, a kì í fi ọ̀kan san gbèsè èkejì.

Fífo ìpele wá ńkọ́, bíi kéèyàn ti orí Heading 1 bọ́ sórí Heading 3 láìsí Heading 2? Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní WCAG. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ̀dà 2.2 sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ìlànà náà kò ka fífo ìpele nìkan sí rírú òfin, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni pé kí a má fò ó. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìpele kìíní, tó wá gbọ́ ìpele kẹta, á padà sẹ́yìn lọ wá ìpele kejì tó rò pé ó fo òun dá. Kò sì ní rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ni kò gba fífò o. Èèyàn lè parí ọ̀rọ̀ ìpele kẹta kó gòkè padà tààrà sí orí tuntun, kò sí ìdààmú níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ padà sí Navigation Pane, kí ẹ ka àwọn àkọlé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìka ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ṣé ẹni tí kò rí ìwé náà rí lè fi wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Àkọlé tó kàn kà pé “Àlàyé” tàbí “Àwọn Mìíràn” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń fò láti orí àkọlé dé àkọlé. Bí ẹ bá sì rí odindi gbólóhùn gígùn kan níbẹ̀, ìpínrọ̀ lásán ló ti wọ aṣọ àkọlé láìmọ̀. Ẹ gbé e padà sí Normal.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú Ètò Owó Yíyá. Ibẹ̀ ni àtòkọ wà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni ẹni tó fẹ́ yá owó máa gbé: kó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ akọ̀wé owó, kó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kó wá onídùúró méjì, kó kó pásíbúùkù tirẹ̀ àti ti àwọn onídùúró jọ, kó dá fọ́ọ̀mù padà kí ìpàdé tó dé, kó sì dúró de èsì ìgbìmọ̀. WhatsApp ni wọ́n ti kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀, akọ̀wé sì dà á láti ibẹ̀ sínú Word, pẹ̀lú dáàṣì kékeré níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Dáàṣì yẹn kò sọ ìlà di àtòkọ. Nọ́ńbà tí a bá fọwọ́ tẹ̀ náà lè má sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí àtòkọ bá jẹ́ àtòkọ lóòótọ́, nígbà tí ìwé náà bá di PDF tàbí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, NVDA á kọ́kọ́ kéde pé àtòkọ olóhun mẹ́fà rèé, á ka ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á sì kéde nígbà tó bá ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Iye yẹn wúlò fún ẹni tó ń fetí kàwé. Bí bàbá bá gbọ́ mẹ́fà, tó sì ka márùn-ún, ó mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Bí kò bá gbọ́ iye kankan, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé ìgbésẹ̀ ti parí, pé gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, èyí tó ní “Owó èlé kò ní yí padà lọ́dún yìí,” kì í ṣe ìgbésẹ̀ keje.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí ẹ fi máòsì tẹ orí nọ́ńbà tàbí àmì tó wà níwájú ìlà. Bó bá jẹ́ ti àtòkọ gidi, àwọ̀ eérú á bo nọ́ńbà náà, àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìpele kan náà, kọ́sọ̀ kò sì ní lè wọ àárín rẹ̀. Bí kọ́sọ̀ bá wọlé sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, tí ẹ sì lè pa á rẹ́ bí lẹ́tà lásán, ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa dáàṣì tàbí nọ́ńbà náà rẹ́, ẹ kun gbogbo ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì Numbering tó wà ní Home. Mo ní Numbering nítorí pé ìgbésẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Àwọn ohun tó kàn jẹ́ pé kéèyàn mú wọn dání, láìsí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, ti Bullets ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ Ctrl, Shift àti 8 pọ̀ ná, kí ẹ tó gbà pé ó ti dára. Àwọn àmì tó máa ń fara pamọ́ á hàn. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré tó tẹ̀ sí òsì lópin ìlà, Shift àti Enter ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lò, ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ akàwé á pe ìgbésẹ̀ mẹ́fà ní ohun kan. Bí ẹ bá sì rí ìpínrọ̀ òfìfo láàárín ìlà kan àti èkejì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń wá àyè kí ìwé lè mí. Àwọn òfìfo yẹn lè gé àtòkọ sí wẹ́wẹ́: àtòkọ olóhun kan, ó tán, àtòkọ olóhun kan, ó tán, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà mìíràn nọ́ńbà á tún máa bẹ̀rẹ̀ láti orí 1.

Àyè tí ẹ ń wá, ọ̀nà wà fún un. Ẹ pa àwọn òfìfo náà rẹ́, ẹ kun àtòkọ, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Paragraph, kí ẹ fi 6 sí iwájú After. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò yí padà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kan náà, àpótí kan wà tí wọ́n kọ “Don’t add space between paragraphs of the same style” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Word máa ń fàmì sí i fún àtòkọ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹ yọ àmì náà kúrò, àyè á ṣí. Èyí ló ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á fi padà sídìí Enter.

Ó wá ku àwòrán. Márùn-ún ló wà nínú ìwé yìí, ohun tó sì tọ́ sí ọ̀kan kò tọ́ sí èkejì. Bí àwòrán kò bá ní àpèjúwe, ẹ̀rọ á kàn ní “àwòrán,” yóò kọjá lọ, tàbí kó ka orúkọ fáìlì rẹ̀, IMG pẹ̀lú nọ́ńbà jàn-ànràn jan-anran. Láti kọ àpèjúwe nínú Word, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán náà, ẹ yan View Alt Text, níbòmíràn Edit Alt Text ló máa pè é, kí ẹ kọ ọ́ sínú àpótí tó bá yọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “àwòrán tó ń fi hàn pé,” nítorí ẹ̀rọ ti sọ pé àwòrán ni kó tó dé ibẹ̀.

Ìlà olódòdó tó wà lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Kò yẹ ká kọ̀wé sí i. Ẹ fàmì sí Mark as decorative nínú àpótí kan náà, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé kó fò ó. Àmì ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Orúkọ ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí náà ọ̀ṣọ́ lòun náà níbí. Tó bá jẹ́ pé àmì yẹn nìkan ló gbé orúkọ ẹgbẹ́ dání, orúkọ náà ni ẹ máa kọ, ẹ kò ní ṣàpèjúwe ọwọ́ méjì tó bọra wọn. Fọ́tò kan wà níbi tí àwọn olóyè ti ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ti tó: “Alága àti akápò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ níwájú ìpàdé.” Ẹ má tún ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kọ, nítorí ìgbà méjì ni bàbá máa gbọ́ ọ.

Àwòrán kẹrin ló gba àròjinlẹ̀. Òpó mẹ́rin ni, tó ń fi iye owó ẹgbẹ́ hàn láti 2021 dé 2024. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó jẹ́ mílíọ̀nù 18, ó di 21, ó wálẹ̀ sí 20, ó tún fò sókè sí 26. Bí akọ̀wé bá kọ “owó ẹgbẹ́,” kò tíì sọ ohun tí òpó náà wà fún. Bó bá kọ pé òpó kìíní jẹ́ búlúù, èkejì jẹ́ pupa, ó ti fi àkókò bàbá ṣòfò. Bó bá sì kó gbogbo iye owó náà jọ sínú àpèjúwe, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan, bàbá á sì ní kó tún un kà, kó tún un kà. Ohun tí òpó yẹn ń sọ fún ẹni tó ń wò ó ni kí ẹ kọ: “Owó ẹgbẹ́ láti 2021 sí 2024: ó ń gòkè, àfi ní 2023 tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Iye ọdún kọ̀ọ̀kan wà nínú àtẹ tó tẹ̀ lé e.” Kí ẹ wá fi àtẹ kékeré sábẹ́ rẹ̀, ọdún lọ́wọ́ kan, iye owó lọ́wọ́ kejì. Kì í ṣe afọ́jú nìkan ni àtẹ yẹn máa wúlò fún. Ẹni tó fẹ́ bi akápò ní ìbéèrè nípa 2023 nílò iye owó gan-an, kò lè fojú wọn òpó.

Àwòrán karùn-ún ló dùn mí jù, nítorí mo máa ń bá a pàdé lójoojúmọ́. Ó jẹ́ pósítà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ní kí ọmọ kan ṣe, tó kọ orúkọ báńkì, orúkọ àkáǹtì, àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sí. Lẹ́tà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ kò rí ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Àpèjúwe nìkan kò tó fún irú èyí. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni nọ́ńbà àkáǹtì ní Nàìjíríà, àṣìṣe nọ́ńbà kan sì lè gbé owó lọ síbi tí a kò rán an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí bàbá lè fi ọfà kíbọ́ọ̀dù gbọ́ ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó sì lè dà á kọ sínú fóònù rẹ̀. Pósítà lè wà níbẹ̀ kó máa dán, nígbà náà, ọ̀ṣọ́ ló dà.

Nǹkan kan tún wà nípa gbogbo àwòrán inú Word. Bí àwòrán bá ń léfòó láàárín ọ̀rọ̀, tí ẹ lè fi máòsì wọ́ ọ síbikíbi, ẹ̀rọ lè kọjá láìdé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí kó kà á níbi tí ẹ kò rò. Ẹ tẹ àwòrán náà, ẹ lọ sí Wrap Text, kí ẹ yan In Line with Text, kó lè jókòó sínú ìlà bí ọ̀rọ̀.

Word ní ètò tirẹ̀ tó ń yẹ ìwé wò, ní Review, Check Accessibility. Ẹ lò ó, á sọ àwòrán tí kò ní àpèjúwe fún yín. Àmọ́ agbára rẹ̀ níbi tó mọ. Bí ẹ bá kọ “aaa” sínú àpèjúwe, á gbà pé ó wà. Kò sì lè mọ̀ pé ìlà dúdú kan yẹ kó jẹ́ àkọlé, tàbí pé Ìdìbò wà lábẹ́ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ yìí tún lè ṣòfò lọ́nà kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Alága ní òun fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, kí sítáńpù sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lù ú ní sítáńpù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sikánà ya ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá padà sínú kọ̀ǹpútà. Àkọlé lọ, àtòkọ lọ, àpèjúwe lọ. Fọ́tò mẹ́rìnlá ló kù. Ẹ lè mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa títẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí ojú yín ń rí níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kò sí i, fọ́tò lẹ ń wò. Ìbùwọ́lùwé nìkan ni kí ẹ yà, kí ẹ fi sínú Word bí àwòrán, kí àpèjúwe rẹ̀ jẹ́ “Ìbùwọ́lùwé alága,” kí ẹ tó sọ ìwé náà di PDF. Save As ni kí ẹ lò, kí ẹ tẹ Options, kí ẹ rí i pé àmì wà níwájú “Document structure tags for accessibility.” Ẹ má gba ọ̀nà Print, nítorí Microsoft Print to PDF lè ju gbogbo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ìwé nù.

Ní ìkẹyìn, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ẹ tan NVDA, ẹ ṣí PDF náà, kí ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà tàbí kí ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ tẹ Insert àti F7, kí ẹ yan Headings, àwọn àkọlé á tò fún yín pẹ̀lú ìpele wọn. Ẹ tẹ Escape láti jáde níbẹ̀, kí ẹ wá tẹ H fún àkọlé, ẹ tẹ L fún àtòkọ, ẹ tẹ G fún àwòrán. Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta tí bàbá ní lọ́kàn: ìgbésẹ̀ mélòó ni kéèyàn gbé kó tó rí owó yá, kí ni nọ́ńbà àkáǹtì, ọdún wo ni owó ẹgbẹ́ wálẹ̀? Bí èkíní bá ni yín lára, àtòkọ ni kí ẹ padà lọ wò. Bí nọ́ńbà àkáǹtì kò bá sí, ó ṣì wà nínú pósítà. Bí ẹ kò bá sì mọ ibi tí ẹ wà nínú ìwé rárá, àwọn àkọlé ni. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nítòsí lè fi TalkBack orí fóònù rẹ̀ dán Word tàbí PDF náà wò kó tó fi ránṣẹ́. Fáìlì méjèèjì ni mo sì máa ń ní kí akọ̀wé fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, torí fóònù ẹlòmíràn lè má ṣí PDF dáadáa, ṣùgbọ́n kó ka Word láìsí wàhálà.